Gbèsè Ọdún Wo Lẹ Ń Pè? Orin àti Èébú Bọ́ọ̀lù ní Ìwáyà

Àwọn àlejò ni mo tìtorí wọn mú ọ̀rọ̀ yìí wá: akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá sí Ìwáyà nítorí pé ilé ti gbówó lórí jù ní Akọka, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tí ọkọ rẹ̀ ń sọnù ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òṣìṣẹ́ tó ti òkè wọ Èkó láti wá jẹun. Ẹni bẹ́ẹ̀ á kọjá níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí wọ́n ti fi pákó ṣe bẹ́ǹṣì, tí tẹlifíṣàn méjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn ilé. Á gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kí bàbá tó tó bí i lọ́mọ pé, “Ẹ kú ìrọ́jú o, Dádì. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ bàbá náà. Kò sẹ́ni tó kú. Arsenal ló fìdí rẹmi, èébú sì ni ìkíni yẹn.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bú ara wọn ní Ìwáyà pọ̀. Àwọn Manchester United wà, àwọn Liverpool wà, àwọn Barcelona àti Real Madrid náà kò gbẹ́yìn. Tí mo bá ní kí n kó gbogbo wọn pọ̀, àlejò á dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí náà Arsenal àti Chelsea ni n ó dì mú. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, wọ́n máa ń pàdé ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán nínú sáà kan, ọmọ Nàìjíríà sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn méjèèjì lójú wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èébú bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kàn bọ́ lẹ́nu èèyàn. Gbèsè ni wọ́n ń sìn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan wà tí wọ́n ti jẹ gbèsè náà, ó ní ọdún, ó ní iye góòlù, ẹni tí wọ́n ń bú sì ń retí ọjọ́ tí òun náà yóò di olówó. N ó tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí èèyàn lè gba èébú yìí kó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó jogún gbèsè náà láti ilé bàbá rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìtìjú ni kí ọmọ Ìwáyà máa fa ọrùn yọ nítorí àwọn ará London. Lójú tèmi, jíjìnnà tí London jìnnà sí wa gan-an ló jẹ́ kí èébú náà ṣeé gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àwọn ará London ṣe dé àárín wa, nítorí èébú bọ́ọ̀lù ti wà ní Èkó kí wọ́n tó dé. Ẹgbẹ́ Stationery Stores tí Olóyè Israel Adébàjọ̀ dá sílẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968, orúkọ wọn sì tó ohun tí ọmọ Èkó lè torí rẹ̀ máà bá ọmọ Ìbàdàn sọ̀rọ̀ odidi ọjọ́ kan. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ fún wọn, àsìkò kan náà sì ni tẹlifíṣàn orí sátẹ́láìtì ń wọ àdúgbò. Celestine Babayaro lọ sí Chelsea ní 1997. Kanu Nwankwo dé Arsenal ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú Arsenal nílé ara wọn ní Stamford Bridge, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bọ́ọ̀lù parí, ni Kanu bá jẹ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ó di 3-2. Góòlù kẹta ni àwọn àgbà ṣì máa ń fi ọwọ́ júwe: ó kúrò ní igun pápá, ó fi adènà sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ta bọ́ọ̀lù náà láti ibi tí kò yẹ kí góòlù ti jáde. Èmi kò mọ ohun mìíràn tó sọ ọmọ Èkó di ará Arsenal tó ọjọ́ yẹn. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 2006, Mikel Obi wọ Chelsea, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Bí ìyá kan náà ṣe bí ọmọ Arsenal àti ọmọ Chelsea sínú yàrá kan nìyẹn.

Wàyí o, kí àlejò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ní láti mọ gbèsè tó wà nílẹ̀. Ti Arsenal ló gbajúmọ̀ jù. Ní sáà 2003 sí 2004, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38, wọ́n borí nínú 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú 12, wọn kò pàdánù ẹyọ kan. Kò sí ohun tí ará Arsenal máa ń yára fà yọ tó o. Àmọ́ olówó ará Rọ́ṣíà kan, Roman Abramovich, ti ra Chelsea ní 2003, nígbà tó sì di 2005 ife náà ti kọjá sí apá kejì London. Ó ju ogún ọdún lọ tí Arsenal fi wá ife líìgì tí kò rí i. Nítorí náà, bí ará Arsenal bá sọ pé àwọn gbá bọ́ọ̀lù odidi sáà láìpàdánù, èsì tó máa gbọ́ ni pé kó ka ọdún tó ti kọjá látìgbà náà. Òun náà kò ní dákẹ́. Á béèrè lọ́wọ́ ará Chelsea pé ta ni bàbá rẹ̀ kí Abramovich tó dé. Ìbéèrè yẹn ní ìwé nídìí: Chelsea gba líìgì ní 1955, wọn kò sì rí i gbà mọ́ títí di 2005. Àádọ́ta ọdún gbáko. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì ló jẹ gbèsè, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ ka ti ẹnì kejì ni yóò gbọ́ tirẹ̀ padà.

Gbèsè kejì wuwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ti ife ilẹ̀ Yúróòpù. Arsenal dé àṣekágbá Champions League ní Paris ní 2006, ìyẹn nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀, adènà wọn gba káàdì pupa, wọ́n kọ́kọ́ jẹ góòlù, Barcelona sì yí i mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 2-1. Chelsea ló wá gbà á ní Munich ní 2012, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ́nárítì ṣẹ́gun Bayern nílé Bayern fúnra rẹ̀, Mikel sì gbá bọ́ọ̀lù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹgbẹ́ London kankan tó gbà á rí kí àkókò yẹn tó tó. Èyí ló fà á tí ará Chelsea fi máa ń sọ pé aláwọ̀ búlúù ló ni London. Àlejò lè rò pé ọ̀rọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ ni. Ife kan ṣoṣo ló ń tọ́ka sí, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti gbà á.

Àwọn gbèsè mìíràn kéré ju ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dùn ún fà yọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2014, Arsène Wenger tó jẹ́ kóòṣì Arsenal ń ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀, Chelsea sì fi 6-0 bá a ṣe é. Rẹfirí tún lé ẹni tí kò ṣẹ̀ kúrò lórí pápá: Alex Oxlade-Chamberlain ló fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, Kieran Gibbs ló gba káàdì pupa. Èébú tó ti ibẹ̀ wá kò nílò àlàyé, gbogbo rẹ̀ ti pé sínú ọjọ́ kan. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà ni José Mourinho tó jẹ́ kóòṣì Chelsea ti pe Wenger ní ọ̀gá nínú ìkùnà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù gbogbo, ó sì ní ìdí, nítorí pé láti 2005 ni Arsenal kò ti gba ife kankan. Ẹ wá wo bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kúrú tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, Hull City ti jẹ góòlù méjì sílé Arsenal nínú àṣekágbá ife FA kí Arsenal tó dá gbogbo rẹ̀ padà tí wọ́n sì borí ní 3-2. Oṣù mẹ́ta péré. Ẹni tó bá tún sọ ọ̀rọ̀ Mourinho yẹn lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín òun fúnra rẹ̀, nítorí pé gbèsè tí wọ́n ti san ló ń sìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, ìyẹn bí èébú kan ṣe ń bí, tó ń dàgbà, tó sì ń kú. Ẹ jẹ́ ká fi Kai Havertz ṣe é. Ọmọ Jámánì ni. Òun ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Chelsea fi gba Champions League kejì wọn lọ́wọ́ Manchester City ní Porto, ní oṣù Karùn-ún 2021. Ó yẹ kí ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ òrìṣà nílé wọn, ṣùgbọ́n góòlù wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Arsenal sì rà á ní oṣù Kẹfà 2023 ní iye tí wọ́n ròyìn pé ó tó mílíọ̀nù 65 pọ́n-ùn, àwọn ará Chelsea bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti ta ọjà tó bàjẹ́ fún aláìgbọ́n. Àwọn ará Arsenal gan-an ń kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, bí ọkùnrin náà bá ti ṣi bọ́ọ̀lù ta báyìí, ará Chelsea tó jókòó lẹ́yìn á dìde, á kan sáárá sí ará Arsenal, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ra ọjà lọ́wọ́ àwọn. Ìdúpẹ́ ni wọ́n ń sọ, èébú ló sì ń wọ̀ ọ́ lára. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹsẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2024, Chelsea wá sí Emirates, Arsenal sì nà wọ́n ní 5-0. Havertz jẹ méjì nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdúpẹ́ kan náà ni ará Arsenal dá padà fún ará Chelsea: ẹ ṣeun tí ẹ tà á fún wa. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ẹyọ kan kúrò. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn ló lè mọ ìdí tí gbólóhùn wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fi mú kí odidi yàrá hó yèè.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀ràn Havertz ni pé èébú tó dára jù lórí bọ́ọ̀lù ni èyí tí ó ṣeé dá padà. Ọ̀rọ̀ nípa fífi bọ́ọ̀sì dènà ojú góòlù náà jẹ́ ẹ̀rí. Mourinho ló sọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2004, ó fi ń bú Tottenham tó wá ta ọ̀mì mọ́ Chelsea lọ́wọ́, pé wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wá wọ́n sì gbé e síwájú ojú góòlù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ náà bú Chelsea tirẹ̀, ìgbà tó sì fi dé Ìwáyà, ó ti di dánfó, pẹ̀lú kọ́ńdọ́kítọ̀ tó ń ké pé kò sáyè mọ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sórí orin. Ní pápá ìṣeré, wọ́n ń fi ìlù àti fèrè kọrin. Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn tó máa ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kiri ti sọ orin kúkúrú inú ṣọ́ọ̀ṣì di orin bọ́ọ̀lù tipẹ́, ẹnì kan á dá, àwọn yòókù á gbè. Ilé ìwòran kò ní àyè ìlù, nítorí náà ohùn àti bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gba ohùn orin tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, ti ìyìn tàbí ti fújì, wọ́n á fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù bọ ibi tí orúkọ mìíràn wà. Orin kì í gùn, nítorí eré ń lọ. Ìgbà mẹ́ta ló máa ń jáde: kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, tí góòlù bá wọlé, àti nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn. Ti ìkẹyìn ni àlejò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, nítorí òun ló ń tẹ̀ lé èèyàn délé. Ohun kan tún wà tí kò sí ní pápá ìṣeré rárá. Àwòrán kì í dé gbogbo ilé ìwòran lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo góòlù lè ti òpópónà kejì wá nígbà tí tẹlifíṣàn tiyín ṣì ń fi bọ́ọ̀lù hàn láàárín pápá. Àwọn èèyàn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ara wọn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹnì kejì nítorí góòlù tí wọn kò tíì rí. Tó bá wá jẹ́ pé òdì kejì ló jẹ ẹ́, ẹ má bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń kó ẹnu wọn jáde níbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ fún àgbà kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn yí aṣọ padà ni. Ọmọ ogún ọdún kò lè pe bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ní òmùgọ̀ nítorí Arsenal. Ṣùgbọ́n ó lè dọ̀bálẹ̀ kí i pé ẹ kú ìrọ́jú, ó lè bi í bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó lè bá a gbé àga rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni “ẹ” àti “yín”. Bàbá náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, kò sì sí ibi tí yóò ti mú ọmọ náà, nítorí kò sí ìwà ìbàjẹ́ nínú ìkíni. Ohun tí yóò ṣe ni pé kó dúró de ọ̀sẹ̀ tí Chelsea bá fìdí rẹmi, kí òun náà ránṣẹ́ pe ọmọ náà wá gba owó omi tútù.

Èébú yìí ní ibi tí kì í dé. Ìka márùn-ún tí a là sí ojú èèyàn, èébú ìyá ni lọ́dọ̀ wa, ìyá ẹnikẹ́ni kò sì gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn 5-0 yẹn, ẹni tó fẹ́ fi ìka sọ iye góòlù ní láti mọ bí yóò ṣe gbé ọwọ́ rẹ̀: ẹni tó gbọ́n á yí àtẹ́lẹwọ́ sí ara rẹ̀, tàbí kó fi ẹnu kà á. Àbùkù ara, àìrọ́mọbí, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, àwọn wọ̀nyí kò sí nínú èsì bọ́ọ̀lù kankan, ẹni tó bá sì fà wọ́n wọlé ti kúrò lórí ọ̀rọ̀. Èyí tó ṣòro jù láyé ìsinsìnyí ni ti tẹ́tẹ́. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ pé Chelsea máa borí, tí góòlù ìṣẹ́jú ìkẹyìn sì gé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbèsè tirẹ̀ kì í ṣe àfẹnujẹ mọ́. Owó oúnjẹ ló lọ. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nípa pé kì í dáhùn, kì í rẹ́rìn-ín, ìwé kékeré kan ló ń wò lọ́wọ́ tàbí fóònù rẹ̀. Ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé jíjìnnà London ló jẹ́ kí èébú yìí ṣeé gbà. Ẹ̀rí mi wà nílẹ̀ yìí gan-an, ó sì ti pẹ́. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kí wọ́n tó gbà á. Ní 1977, nígbà tí wọ́n fẹ́ dáàbò bo ife náà, ìpele tó ṣíwájú àṣekágbá mú wọn pàdé Rangers ti Enugu. Ọdún méje ti kọjá lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọdún tó parí yẹn náà sì ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Wọ́n gbá a ní pápá ìṣeré ńlá ní Surulere, 0-0. Wọ́n gbé ìkejì lọ sí Kaduna, ìlú tí kì í ṣe ti Ìbàdàn tí kì í sì í ṣe ti Enugu, 0-0 náà ni. Pẹ́nárítì ló yà wọ́n, Rangers borí ní 4-2, wọ́n sì gba ife náà nígbẹ̀yìn. Ẹ wò ó pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, kò sí góòlù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè fi bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ èébú kò wọ́n. Nígbà tí kò sí gbèsè bọ́ọ̀lù, ìran ni wọ́n ń bú, oúnjẹ ìran, ẹnu ìran, ogun tí ìran jà. Èébú bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ ìsanpadà, nítorí kò sí sáà tí Ìgbò tàbí Yorùbá yóò gbá bọ́ọ̀lù láti fi yí ìran rẹ̀ padà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn kò ní ìṣòro yẹn. Christian Chukwu ti Rangers, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal ti IICC ló jọ wọ aṣọ kan náà ní Surulere ní oṣù Kẹta 1980, tí Nàìjíríà fi na Algeria ní 3-0 gba ife Áfíríkà, Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Lawal jẹ ọ̀kan, Chukwu sì ni balógun.

Ẹ wá fi Ìwáyà òde òní wé e. Yorùbá wà níbí, Ègùn wà, Ìlàjẹ wà létí omi lọ́nà Makoko, Ìgbò wà nínú ṣọ́ọ̀bù, akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo wà nítorí yunifásítì. Arsenal kò yan ẹ̀yà kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Chelsea. Ẹni tó ń bú Arsenal kò lè fojú ẹ̀yà mọ ẹni tí yóò bínú. Ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìgbò lè jọ forí sọ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019, nígbà tí Chelsea na Arsenal ní 4-1 ní Baku, tó sì jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà, Alex Iwobi, ló jẹ góòlù kan tí Arsenal rí. Ọdún méjì ṣáájú, nínú àṣekágbá ife FA, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Victor Moses ti Chelsea, ló gba káàdì pupa nítorí pé ó ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, Arsenal sì borí ní 2-1. Nínú méjèèjì, kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú abínibí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ já mi nírọ́. Á ní ṣé n kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ogbo ní apá Niger Delta ní oṣù Karùn-ún 2009 ni, nígbà tí Barcelona na Manchester United nínú àṣekágbá Champions League, tí ará Manchester United kan sì wa bọ́ọ̀sì kékeré wọ àárín àwọn tó ń yọ̀, tí èèyàn mẹ́rin fi kú? Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ọwọ́ bò ó. London tàbí Manchester tó jìnnà kò gba ẹ̀mí àwọn yẹn là. Ohun tí mo lè sọ ni pé jíjìnnà nìkan kò tó, ó tún nílò pé kí ọjọ́ ìsanpadà wà nítòsí. Manchester United àti Barcelona kì í pàdé lọ́dọọdún. Ẹni tó pàdánù lọ́jọ́ yẹn kò mọ ìgbà tí òun yóò tún rí wọn. Arsenal àti Chelsea wà nínú líìgì kan náà, ẹni tó ń sunkún lónìí ti mọ ọjọ́ tí wọ́n tún máa pàdé. Mo gbà pé èyí kì í ṣe ìdánilójú, orí tó gbóná kò ní ka kàlẹ́ńdà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí orin ìṣẹ́gun parí sínú ilé ìwòran, kí ó má jáde sí títì níbi tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà wà.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àṣà wa kọ́ ni kí èèyàn máa bú ara rẹ̀ ní gbangba. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ará Ìbàdàn. Lọ́jọ́ ọdún Òkè’Bàdàn, ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í sọ lọ́jọ́ mìíràn ni wọ́n ń fi orin sọ sí ara wọn lójú títì, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ọjọ́ ọdún ló fún wọn láyè. Nínú bọ́ọ̀lù, èsì ni ó ń fún èèyàn láyè, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò borí kò sì ní àyè náà, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Lójú mi, ti bọ́ọ̀lù tiẹ̀ le jù, nítorí pé ẹni tó ń bú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Àtakò tí mo kà sí jù ni ti àwọn tó ní ká padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tiwa, pé ojú tí a fi ń wo London ló jẹ́ kí pápá wa ṣófo. Mo bá wọn kẹ́dùn lórí pápá tó ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìwáyà bá padà sídìí líìgì Nàìjíríà lọ́la, tí Shooting Stars bá wá pàdé Rangers, kí ó mú ìlànà tó ti kọ́ lọ́dọ̀ Arsenal àti Chelsea dání: kí ó bú góòlù, kí ó bú káàdì pupa, kí ó bú ọdún tí wọn kò gba ife, kí ó má bú ìlú.

Ẹ̀yin àlejò, tí wọ́n bá bú yín ní ilé ìwòran, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín pé ọdún wo ni, mélòó sí mélòó ni. Tó bá dá yín lóhùn, ẹ jókòó, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòran, tí ẹnì kan bá sọ èébú tí kò ní ọdún tí kò sì ní góòlù, èyí tó dá lé ìyá tàbí ẹ̀yà, ẹ pa tẹlifíṣàn, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un, kí ó máa lọ.